Láti Ọwọ́ Àjàyí Crowther Dé Inú Àpótí Òfìfo: Ìrìn-àjò Ẹ, Ọ àti Ṣ

Bí ènìyàn bá ṣí eré orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí lójú mẹ́nù: Bẹ̀rẹ̀, Tẹ̀síwájú, Ètò àti Jáde. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ eré, ohun tí ó ń hàn nìyí:

```
B□□r□□
T□□síwájú
Ètò
Jáde
```

Ọ̀rọ̀ méjì bàjẹ́, méjì yòókù sì mọ́ kedere, àmì ohùn wọn kò yingin. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò di ẹ̀bi ru atúmọ̀ èdè, yóò ní kò mọ Yorùbá kọ. Atúmọ̀ èdè kò ṣẹ̀. Ìdí tí Ètò fi yè tí Bẹ̀rẹ̀ sì kú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn tí ó ti lé ní ọdún 170.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ C.M.S. ń wá ọ̀nà láti kọ Yorùbá sílẹ̀, ìṣòro kan dojú kọ wọ́n. Fáwẹ̀lì àìránmúpè méje ni Yorùbá ní, àwọn lẹ́tà fáwẹ̀lì tí àwọn Òyìnbó kó wá kò sì ju márùn-ún lọ. Wọn kò dá lẹ́tà tuntun sílẹ̀. Àmì kékeré ni wọ́n fi sábẹ́ èyí tí ó wà, e di ẹ, o di ọ, s sì di ṣ. Àmì yìí àti àmì ohùn wà nínú ìwé gírámà tí Crowther tẹ̀ jáde ní 1852. Ní 1875, ìpàdé kan wáyé ní Èkó láti mú ìlànà ìkọ̀wé náà fìdí múlẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé ilé ìtẹ̀wé kò ní láti ra gbogbo lẹ́tà ní ọ̀tun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni lẹ́tà Yorùbá ti di ohun tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rántí kí ó tó lè wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wọn kò rántí. Ẹ̀rọ táípù tí ó kún ọ́fíìsì nígbà ìjọba amúnisìn kò ní ẹ, kò ní ọ. Akọ̀wé a tẹ ọ̀rọ̀ tán, a wá fi bírò to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àkójọ lẹ́tà ASCII ti 1963 kò ní ju àyè 128 lọ, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì gbà. Lẹ́yìn náà ni ISO 8859-1 sọ àyè náà di 256, kí èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù lè rí ààyè. Ibẹ̀ ni à, é, ì, ò àti ú ti wọlé, kì í ṣe nítorí Yorùbá, bí kò ṣe nítorí Faransé, Potogí àti àwọn èdè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí Ètò àti Jáde fi ń hàn dáadáa títí di òní: aṣọ àyálò ni wọ́n wọ̀.

Ẹ àti ọ náà wọlé nígbà tí ó yá. Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, ni ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ gba U+1EB9, ọ gba U+1ECD, àárín àwọn lẹ́tà èdè Fiẹtinámù ni wọ́n sì wà, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ lápapọ̀, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀dá méjì ni ó pọ̀ di í: ẹ fúnra rẹ̀, àti àmì ohùn U+0300 tí ó gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀. Láti nǹkan bí 2001 ni òfin Unicode ti sé ọ̀nà mọ́ irú àpapọ̀ tuntun bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí a ti kọ má baà yí padà. Nítorí náà, kò sí ìrètí pé ẹ̀ yóò gba nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́la.

Níbí ni ìtàn ti pàdé eré. Ọ̀pọ̀ eré kì í ka fọ́ńtì ní tààrà. Wọ́n máa ń ya àwọn lẹ́tà tí wọ́n rò pé wọ́n nílò sójú àwòrán kan ṣáájú kí eré tó jáde, eré yóò sì máa gé lẹ́tà láti ibẹ̀. Bí ẹni tí ó ya á bá dúró sí 256 àkọ́kọ́, ẹ kò sí lójú àwòrán, U+0300 náà kò sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò di àpótí òfìfo, ni ẹ̀ kan fi di àpótí méjì.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ lè fi ojú lásán mọ irú àrùn tí ó wà níbẹ̀. Bí àpótí méjì bá dípò ẹ̀, lẹ́tà àti àmì ohùn ni kò sí. Bí ẹ bá hàn tí àpótí kan tẹ̀ lé e, àmì ohùn nìkan ni wọ́n gbàgbé. Bí kò bá sí àpótí ṣùgbọ́n tí àmì ohùn ń fò lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tí ó gun orí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, fọ́ńtì ti pé, ẹ̀rọ tí ń to lẹ́tà ni kò mọ bí a ṣe ń gbé àmì lórí lẹ́tà. Bí é bá di Ã©, fọ́ńtì kò jẹ̀bi rárá. Fáìlì ni wọ́n kà lọ́nà òdì. Èyí tí ó burú jù ni àmì ìbéèrè: lẹ́yìn àpótí, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lódindi nínú fáìlì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti di ? nígbà tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì, ó ti sọnù nìyẹn, àfi kí wọ́n tún un kọ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pọ̀. Wọn yóò yan fọ́ńtì tí ó ní àwọn lẹ́tà náà, wọn yóò sì fi ìwọ̀nba wọ̀nyí kún ojú àwòrán:

```
00A0-00FF
0143-0144  01F8-01F9
1E62-1E63  1EB8-1EB9  1ECC-1ECD
0300-0301  0323
```

Ìlà kejì wà fún ń àti ǹ, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ eré gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gbé àmì sí ipò rẹ̀. Godot 4, tí ó jáde ní 2023, ń lo HarfBuzz fún iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, ibì kan wà tí àtúnṣe kì í dé. Àwọn fọ́ńtì eré àtijọ́ tí gíga wọn kò ju tóótó mẹ́jọ lọ kò ní àyè fún àmì lókè àti nísàlẹ̀, pàápàá bí mẹ́nù bá jẹ́ lẹ́tà ńlá: Ẹ̀ yóò kọlu ìlà òkè rẹ̀. Fọ́ńtì mìíràn ni ó yẹ níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ aṣeré máa ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọ́n á yọ gbogbo àmì kúrò, àpótí á sì pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ wo eré oko kan tí ó ní ìsọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́. Ra ọkọ́ ni atúmọ̀ èdè kọ. Bí wọ́n bá yọ àmì ohùn, ó di Ra ọkọ, obìnrin tí ń ṣeré á sì rò pé ọkọ ni wọ́n ń tà. Bí wọ́n bá yọ àmì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, ó di Ra oko, àgbẹ̀ á rò pé ilẹ̀ ni òun ń san owó rẹ̀. Àpótí òfìfo kò sọ nǹkan kan, gbogbo ènìyàn ni ó sì mọ̀ pé ó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a bọ́ àmì lára rẹ̀ ń sọ ohun mìíràn, kò sì sẹ́ni tí yóò fura.