OWO: Ìdí tí àwòrán táátù tí a fi lẹ́tà ọ̀ṣọ́ kọ lè má ní ìtumọ̀ tó dájú

Ẹnì kan tó ń kọ́ èdè Yorùbá fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Apá ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, a sì fi lẹ́tà ńlá aláràbarà, irú èyí tí a máa ń rí nínú ìwé àtijọ́ àwọn ará Jámánì, fín OWO sí i. Wọ́n ti sọ fún un pé “ọ̀wọ̀” ni. Ó fẹ́ kí wọ́n da àwòrán náà kọ sí apá tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, ní ìrántí bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé òtítọ́ ni ìtumọ̀ náà?

Ìdáhùn mi ni pé àwòrán náà kò lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá yọ gbogbo àmì kúrò, ó kéré tán ọ̀rọ̀ mẹ́fà inú ìwé atúmọ̀-èdè yìí ni a lè kọ ní OWO: owó tí a ń ná, òwò tí oníṣòwò ń ṣe, ọwọ́ tí a fi ń jẹun, ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀, ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà, àti ọ̀wọ́ ẹran tó ń jẹ̀ lọ. Ìlú Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà tún wà níbẹ̀. Nínú gbólóhùn, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká yóò tọ́ wa sọ́nà. Ṣùgbọ́n lára ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá dúró, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò jẹ́rìí sí i.

Kí ló gbé àmì lọ? Ẹni tó ni táátù lè má kọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ fọ́ńtì ni lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí iṣẹ́ mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà sì ti wúlò nìyí. Lójú wa, lẹ́tà mẹ́ta ni Ọ̀WỌ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, bí a bá tú u palẹ̀, ohun méje ni:

```
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFD", "Ọ̀WỌ̀")
print([hex(ord(c)) for c in s])
# ['0x4f', '0x323', '0x300', '0x57', '0x4f', '0x323', '0x300']
```

`0x4f` ni O, `0x57` ni W. `0x323` ni àmì abẹ́ lẹ́tà, `0x300` sì ni àmì ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ńtì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àwòrán fún àwọn àmì wọ̀nyí, kó sì mọ ibi tí yóò gbé wọn sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ọ̀ṣọ́ ni a ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ò àti Ó wà nínú wọn, nítorí pé àwọn èdè kan níbẹ̀ ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n Ọ kò sí. Bí ayàwòrán bá tẹ Ọ̀WỌ̀ sínú irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀, àpótí òfìfo lè yọ níbi tí Ọ yẹ kó wà, tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà láti inú fọ́ńtì mìíràn, kí ojú rẹ̀ má bá ti àwọn yòókù mu. Ayàwòrán tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ka èyí sí àbùkù, yóò sì tún un ṣe. Bí ó bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, OWO ni yóò kù. Bí ó bá wá lẹ́tà tó jọ ọ́ jù lọ nínú fọ́ńtì náà, ÒWÒ ni yóò kọ. Ohùn rẹ̀ tọ̀nà, àmì rẹ̀ hàn gbangba, síbẹ̀ ọ̀wọ̀ ti di òwò. Nítorí náà, táátù tó ní àmì pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tó tó.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà: ọ̀ṣọ́ tó jọ àmì. Lẹ́tà aláràbarà máa ń ní ìrù tín-ín-rín lókè àti èékánná kékeré nísàlẹ̀. Bí ìrù bá dá lé orí O, ẹni tó mọ Yorùbá yóò rí àmì ohùn òkè. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n wo lẹ́tà tí kò yẹ kó ní àmì. Bí W náà bá ní irú ìlà kan náà lórí, tàbí irú èékánná kan náà nídìí, ọ̀ṣọ́ lásán ni gbogbo wọn. Ní ti àmì abẹ́ lẹ́tà, ọjọ́ orí táátù náà ṣe pàtàkì: tàdáwà máa ń tàn lábẹ́ awọ bí ọdún ti ń gorí ọdún, àmì kékeré tó sún mọ́ ìdí lẹ́tà yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn títí a kò fi ní dá a mọ̀ mọ́.

Èyí tó tún ń tan àwọn ògbufọ̀ tó ní ìrírí jẹ ni kámẹ́rà iwájú fóònù. Àwọn fóònù kan máa ń tọ́jú àwòrán bí ẹni pé a ń wò ó nínú dígí, tí ọ̀tún di òsì. Bí lẹ́tà bá jẹ́ K tàbí S, a óò rí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fọ́ńtì lásán, bí ọ̀tún O àti W ti rí ni òsì wọn rí, nítorí náà OWO kò ní yí padà níbẹ̀. Àmì ohùn nìkan ni yóò yí: èyí tó ń rọ̀ yóò máa gòkè. Ọ̀WỌ̀ yóò wá fara hàn gẹ́gẹ́ bí Ọ́WỌ́.

A dúpẹ́ pé èdè fúnra rẹ̀ ní ìṣọ́ lórí èyí. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá fi fáwẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kì í gba ohùn òkè lórí fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ náà. Ọ́WỌ́ kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ògbufọ̀ tó mọ òfin yìí yóò fẹ́ tún àṣìṣe náà ṣe: yóò yọ àmì àkọ́kọ́, yóò kọ ọwọ́, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yí àwòrán padà, kí ó wo ohun tó kù. Bí aago tàbí aṣọ tó ní ìkọ̀wé bá wà nínú àwòrán náà, wọn yóò jẹ́rìí, ṣùgbọ́n àwòrán táátù sábà máa ń jẹ́ awọ nìkan.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí a jẹ́ kí ẹni tó ni táátù pè é létí wa. Ó dára, ṣùgbọ́n kí a tẹ́tí sí fáwẹ́lì pẹ̀lú ohùn, nítorí pé re mí ni owó, re mí náà sì ni ọwọ́.

Nígbà tí a bá ń da irú táátù báyìí kọ sínú iṣẹ́ ìtumọ̀, ohun tí ojú rí ni kí a kọ. Kí a kọ OWO láìsí àmì, kí a sì to àwọn ìtumọ̀ tó ṣeé ṣe sí ìsàlẹ̀. Bí a bá fi àmì tí kò sí níbẹ̀ sí i, a ti ṣe ìpinnu kan tí oníbàárà kò ní mọ̀ pé a ṣe. Ó tún yàtọ̀ sí àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń yà bí ẹni pé ti Ṣáínà ni, tí onítáátù ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dípò A títí dé Z. Ẹni tó gbọ́ èdè Ṣáínà kò lè rí ọ̀rọ̀ kankan kà nínú ìyẹn. Ní ti OWO, ọ̀rọ̀ tí a lè kà ló pọ̀ jù.

A kò rí ẹni tó ni apá inú àwòrán náà, nítorí náà títí di òní OWO ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ mi. Mo sọ fún ẹni tó béèrè pé kí ó gbàgbé àwòrán yẹn, kí ó tẹ ọ̀wọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ nínú fọ́ńtì lásán, kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde gàdàgbà, kí ó sì gbé e fún onítáátù. Onítáátù náà fi ọwọ́ ya àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú lẹ́tà ọ̀ṣọ́ tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé èyí tó wà nísàlẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ìdí lẹ́tà, kí tàdáwà lè ní àyè tí yóò tàn sí.