Ta Ló Kọ Ọ́? Ìyàtọ̀ Láàárín Ẹni Méjì àti Ìyàtọ̀ Láàárín Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Nínú Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Kò Lórúkọ

Akẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ láìpẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà méjì péré ti tó láti tú ẹni tó kọ ọ́ fó, pé ìṣọwọ́kọ̀wé ènìyàn kò yàtọ̀ sí ìtẹ̀ka rẹ̀. Mo ka iṣẹ́ náà tán. Ibi tó yẹ kó ti dúró ronú gan-an ló sáré kọjá. Òǹkàwé ìwé yìí mọ ohun tí à ń pè ní ìtọpa òǹkọ̀wé, n kò ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn.

Iṣẹ́ Mosteller àti Wallace, tó jáde ní 1964, ni akẹgbẹ́ wa fi ṣe òpó. Àwọn méjèèjì wádìí àpilẹ̀kọ 12 tí wọn kò mọ̀ bóyá Hamilton ló kọ wọ́n tàbí Madison. Wọ́n ka àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí òǹkọ̀wé kì í fiyè sí, wọ́n sì rí i pé Hamilton máa ń lo “upon” bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, nígbà tí Madison kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó. Àpilẹ̀kọ gígùn ni wọ́n ń kà. Ẹ wá mú àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀rọ̀ 20: bó bá jẹ́ Hamilton gan-an ló kọ 100 irú rẹ̀, nǹkan bí 94 ni “upon” kò ní sí nínú wọn rárá. Kí ni àìsí rẹ̀ wá fẹ́ sọ fún wa? Ìdí nìyí tí àwọn tó ń yẹ àtẹ̀jíṣẹ́ wò fi máa ń lọ sídìí sípẹ́lì, ìgékúrú àti àlàfo láàárín ọ̀rọ̀, nítorí ìwọ̀nyí kì í wọ́n nínú ìlà kan ṣoṣo. Àléébù wọn ni pé ẹni tó bá mọ òǹkọ̀wé náà dáadáa lè sín in jẹ.

Ọ̀rọ̀ mi gan-an rèé. Tim Grant ti fi hàn pé kò tó kí àṣà kan máa hàn léraléra lọ́wọ́ ẹnìkan, ó tún gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ta? Ó lè jẹ́ kúrò lára ẹnìkejì tí a dárúkọ, ó sì lè jẹ́ kúrò lára gbogbo ẹni tó ń kọ èdè náà. Akẹgbẹ́ wa da méjèèjì pọ̀.

Ní 2005, ọmọbìnrin ọdún 19 kan di àwátì ní Richmond, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtẹ̀jíṣẹ́ ṣì ń wá láti orí fóònù rẹ̀. Malcolm Coulthard yẹ̀ wọ́n wò fún ilé ẹjọ́. Ọmọbìnrin náà a máa kọ “my” àti “myself”. “Me” àti “meself” ló wà nínú àwọn tí wọ́n ń ṣiyèméjì sí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni afurasí ń kọ ọ́. Ọmọbìnrin náà kì í fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ “2”, afurasí a máa fi sí i. Wọ́n dá ọkùnrin náà lẹ́bi ní 2008. Ẹ̀rí èdè nìkan kọ́ ló wà níwájú ilé ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi iye àfinúrò ṣàlàyé. Ká ní afurasí ń kọ “me” lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, tí ọmọbìnrin náà sì ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti tẹ̀ sọ́dọ̀ afurasí ní ìlọ́po 90. Ṣùgbọ́n bí ará agbègbè náà ti ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ká ní àwọn aládùúgbò ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ìlọ́po mẹ́ta péré ló kù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni. Ẹni tí a fi wé ló yí padà. Ẹ̀rí tó sọ pé kì í ṣe ọmọbìnrin náà ló kọ ọ́ lágbára púpọ̀. Èyí tó sọ pé ọkùnrin yìí ni, àfi kí ẹ̀rí mìíràn ti àwọn yòókù sẹ́yìn kó tó lè dúró. Ẹ má sì gbàgbé pé “me” àti “meself” jẹ́ àṣà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kà wọ́n sí ẹ̀rí méjì, tó sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, ti sọ ẹ̀rí di ńlá lórí ìwé lásán.

Ní 2000, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní New Jersey, nínú ẹjọ́ Van Wyk, gba aṣojú FBI láàyè láti ṣàlàyé ìjọra àti ìyàtọ̀ tó rí nínú àwọn ìwé, ṣùgbọ́n kò gbà kó sọ ẹni tó kọ wọ́n. Akẹgbẹ́ wa pe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ní àìmọ̀kan. Lójú tèmi, ó dà bíi pé adájọ́ náà rí ààlà tí akẹgbẹ́ wa kò rí. Ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ kan wà tí a ó lè kọjá rẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ́rìí bá ti kọ́kọ́ dán ọgbọ́n rẹ̀ wò lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tí a mọ òǹkọ̀wé wọn, tó sì sọ iye ìgbà tó ṣì í fún ilé ẹjọ́.

Ní ti Yorùbá, ibi tí mo fẹ́ kọjú sí báyìí, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ọ̀pọ̀ ń kọ “nlo”, àwọn mìíràn “n lo”. Ó rọrùn láti pe èyí ní àmì ẹnìkan, ṣùgbọ́n àkọtọ́ 1974 ló ya “ń” sọ́tọ̀. Ó lè jẹ́ ìgbà tí ènìyàn lọ sílé ìwé ni a ń rí. Àìsí àmì ohùn lè jẹ́ ti fóònù, kì í ṣe ti ọwọ́. Mo fẹ́ kó àtẹ̀jíṣẹ́ jọ lọ́wọ́ àgbà àti ọ̀dọ́, láti Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, kí n sì kọ irú fóònù tí oníkálukú lò sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni iye àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ṣì ń kọ “nlo”.