Ìwọ̀n Ìdáàbòbò Tí Ó Dín Ewu Kù Jùlọ: Oníṣòwò Kòkó Láti Ọ̀fà àti Ọjà Lọ́ńdọ̀nù Lẹ́yìn 1986

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bébà yìí fẹ́ gbé yẹ̀wò. Bí oníṣòwò kan bá kó 100 tọ́ọ̀nù kòkó sí ilé ìkẹ́rùsí, tí ó sì ń bẹ̀rù pé owó lè já kí ó tó rí i tà, tọ́ọ̀nù mélòó ni ó yẹ kí ó tà sílẹ̀ ní ọjà àdéhùn ní Lọ́ńdọ̀nù láti fi dáàbò bo ara rẹ̀? A ó fi oníṣòwò náà sí Ọ̀fà, kí ó máa ra kòkó ní ìhà Iléṣà. Àpẹẹrẹ lásán ni. Ọ̀fà kì í ṣe ìlú kòkó. Iṣu, ọ̀dùnkún àti àgbàdo ni ọjà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí wà tí a fi yan ibẹ̀, a ó sì dé orí rẹ̀.

Ọjà àdéhùn ni ibi tí a ti ń ta kòkó tí a ó fi lélẹ̀ ní oṣù tí ó wà níwájú, ní iye tí a fẹnu kò sí lónìí. Ti Níú Yọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ ní 1925, ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1928. Ìwé àdéhùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù dúró fún 10 tọ́ọ̀nù. Ẹni tí kòkó wà lọ́wọ́ rẹ̀ a ta àdéhùn. Bí owó bá já, ohun tí ó pàdánù lórí kòkó gidi ni yóò máa rí padà nígbà tí ó bá tún àdéhùn náà rà ní owó pọ́ọ́kú. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí a gbà ni pé tọ́ọ̀nù kan ni kí a tà fún tọ́ọ̀nù kan. Leland Johnson ni ó fi hàn ní 1960 pé èyí kò pọn dandan, nítorí pé àdéhùn pàápàá ní ewu tirẹ̀. Louis Ederington sì tẹ̀ lé e ní 1979, ó sì fi owó àgbàdo, àlìkámà àti ìwé gbèsè ìjọba wò ó.

Ní ilẹ̀ wa, ìbéèrè náà kò kan oníṣòwò kòkó rárá títí di 1986. Láti 1947 ni ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ta kòkó ti máa ń kéde iye kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò. Owó tí kò yí padà kò ní ìyípadà tí a ó dáàbò bò. Ìgbìmọ̀ ni ó ń ru ewu náà, àgbẹ̀ a sì máa san án lọ́nà mìíràn, nítorí iye tí wọ́n ń fún un sábà máa ń kéré sí ti òkèèrè. Ní 1986 ìjọba pa àwọn ìgbìmọ̀ náà rẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní ọjà pàṣípààrọ̀ tuntun. Dọ́là kan tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ di èyí tí ó lé ní náírà 4. Ewu méjì ni ó bọ́ lé oníṣòwò lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìlànà Johnson kò gùn:

h = r × a / b

Níbí, h ni ìdá kòkó rẹ tí ó yẹ kí o tà sílẹ̀. Lẹ́tà a ni iye tí owó tọ́ọ̀nù kan ní Iléṣà sábà máa ń fi gòkè tàbí já láàárín oṣù kan. B ni irú iye bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà r ni ìwọ̀n ìbárìn wọn: ó jẹ́ 1 bí méjèèjì bá ń gòkè sọ̀kalẹ̀ pọ̀ láìyẹsẹ̀, ó sì jẹ́ 0 bí ìrìn ọ̀kan kò bá sọ ohunkóhun nípa ti èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí i. Ká ní a jẹ́ £160, b jẹ́ £140, r sì jẹ́ 0.7. Nígbà náà h jẹ́ 0.8, èyí tí í ṣe 80 tọ́ọ̀nù nínú 100, ìwé àdéhùn 8. Bí kò bá ta nǹkan kan sílẹ̀, ìyípadà tí ó ń retí lóṣù jẹ́ £16,000. Pẹ̀lú àdéhùn 8, ó dín sí nǹkan bí £11,400. Bí ó bá tẹ̀ lé àṣà àtijọ́ tí ó ta 10, yóò jẹ́ nǹkan bí £11,800. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ẹnikẹ́ni sì lè rò pé ariwo lásán ni Johnson pa.

Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ náírà, pàápàá ní 1988 sí 1989. Àwọn kan ń ra kòkó kì í ṣe nítorí èrè kòkó, bí kò ṣe pé wọ́n fẹ́ fi í kó owó wọn jáde sí òkèèrè. Wọ́n san iye tí ó ju ohun tí Lọ́ńdọ̀nù lè dá padà lọ. Owó ní Iléṣà wá ń tẹ̀ lé òùngbẹ dọ́là, kò tẹ̀ lé Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Ká ní r já sí 0.3, tí a àti b kò yí padà. h di 0.34, àdéhùn 3 péré. Ẹni tí ó ta 3 yóò dín ewu rẹ̀ sí nǹkan bí £15,300. Ẹni tí ó ta 10 yóò gbé e gòkè sí £17,800, èyí tí ó burú ju kí ó fọwọ́ lẹ́rán lọ. Pẹ̀lú àwọn iye wọ̀nyí, àfi bí r bá kọjá 0.44 (ìdajì b tí a fi a pín) ni títa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tó lè ṣe àǹfààní kankan. Ní èrò tèmi, ààlà yìí ló yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ mọ̀, ṣáájú h fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn r ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lákọ̀ọ́kọ́, owó kan náà ni kí a fi ka ọjà méjèèjì, kí a yí náírà Iléṣà sí pọ́ùn ní ọjọ́ tí a kọ ọ́ sílẹ̀. Èkejì, ìyípadà láti oṣù dé oṣù ni kí a fi wé ara wọn, kì í ṣe iye owó gan-an. Bí iye méjèèjì bá ti ń gòkè fún ọdún púpọ̀, ìbárìn wọn yóò sún mọ́ 1 lórí ìwé, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn rí. Bí a bá tún un ṣe pẹ̀lú ìyípadà tí r sì wó lulẹ̀, a ti mọ̀ pé ẹ̀tàn ni ti àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, àwọn tí ń ra kòkó lábúlé lè di iye kan mú fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù ń yí lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wọn ìbárìn yóò rí r tí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Bí kòkó yóò bá pẹ́ oṣù kan lọ́wọ́ rẹ, oṣù ni kí o fi wọ̀n ọ́n.

Ohun kan wà tí ìlànà náà kò rí. Lójoojúmọ́ ni ọjà Lọ́ńdọ̀nù ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó pàdánù lórí àdéhùn, kòkó gidi kì í sì í mówó wá títí a ó fi tà á. Ní 2024 owó kòkó gòkè dé ibi tí kò dé rí; ní oṣù Kẹrin, tọ́ọ̀nù kan kọjá £9,000 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó ta àdéhùn 8 ní láti wá £80,000 fún gbogbo £1,000 tí owó tọ́ọ̀nù kan bá fi gòkè. Kòkó rẹ̀ ń níye lórí sí i ní Iléṣà, òun sì ń sá kiri wá owó. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ a tún máa sọ b di ńlá, tí h tí a ṣírò ní ọdún tí ó ṣáájú yóò fi di ògbó.

Ó ku ìdí tí a fi yan Ọ̀fà. Oníṣòwò wa lè sọ pé òun ní àgbàdo nílé, pé ọjà àdéhùn àgbàdo sì wà ní Ṣíkágò. Kí ó fi ìlànà kan náà wò ó. Òjò tí ó pẹ́ rọ̀, ọ̀nà tí ó bàjẹ́ àti owó epo ọkọ̀ ni ó ń darí owó àgbàdo ní ọjà Ọ̀fà. Ọkọ̀ ojú omi kankan kò sí tí ń so ọjà náà mọ́ oko Áíówà. Bí r bá sún mọ́ 0, h yóò sún mọ́ 0 pẹ̀lú, bó ti wù kí àgbàdo náà pọ̀ tó nínú àká. Àdéhùn tí ó bá tà ní Ṣíkágò kì yóò dáàbò bo àpò kan. Yóò kàn fi ewu àgbàdo Amẹ́ríkà kún ti Ọ̀fà ni.