Ná

Ní Géètì Kejì, Fẹ́sítáàkì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó mọ̀wà hù kì í sọ fún ìyá àgbà pé "Ẹ sún!" lásán. "Ẹ sún ná, mọ́mì," ni yóò wí. Yọ "ná" kúrò: ohun tó ń béèrè kò yí padà, ohùn rẹ̀ ló le. Àmọ́ nínú "Má lọ ná," àkókò ni "ná" ń sọ. Yọ ọ́, ìdádúró díẹ̀ á di èèwọ̀ pátápátá. Láti inú "fún ìgbà díẹ̀" yìí ni mo rò pé pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ti wá, torí ẹni tó ní kí o sún fún ìgbà díẹ̀ kò béèrè púpọ̀.

Àwọn ará Jámánì ń fi "mal" ṣe irú rẹ̀, ó sì wá láti "einmal," ìyẹn "lẹ́ẹ̀kan." "Warte mal" ni "Dúró ná."

"Doch" wọn sún mọ́ "ṣebí": "Du weißt es doch," "Ṣebí o mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n "ṣebí" máa ń ṣíwájú gbólóhùn, "doch" yìí kì í ṣíwájú. Bí wọ́n bá sì bi ará Jámánì pé "Ṣé o ò sanwó ni?", "Doch!" nìkan lè túmọ̀ sí "Mo san án." "Ṣebí" wa kò lè ṣe ìyẹn.