Èlé Owó Yíyá Nínú Ìṣirò Òwò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òwò kan yóò pé a máa ṣírò owó tí òwò náà yóò mú wọlé lọ́jọ́ iwájú, a sì fi òṣùwọ̀n kan dá a padà sí iye tó tó lónìí. Inú òṣùwọ̀n yìí ni èlé owó yíyá ti wà, pẹ̀lú èrè tí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀ ń retí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi yọ èlé kúrò nínú owó òwò náà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣòwò kan tó ra epo pupa ₦1,000,000 pamọ́ fún ọdún kan. Ó yá ₦600,000 ní èlé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi ₦400,000 tirẹ̀ kún un. Torí pé ayánilówó ló máa kọ́kọ́ gba tirẹ̀, ewu pọ̀ lórí owó oníṣòwò, ìdá 30 ló sì ń retí. Ìdá 60 owó náà jẹ́ yíyá, ìdá 40 jẹ́ tirẹ̀, nítorí náà òṣùwọ̀n òwò náà jẹ́ 12 + 12, ìyẹn ìdá 24. Lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó ilé ìpamọ́, ₦1,270,000 ni yóò kù nígbà tó bá tà á. Bí a bá fi 1.24 pín in, iye rẹ̀ lónìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,024,200. Èrè wà níbẹ̀, nǹkan bíi ₦24,200.

Ẹ wò ó bí owó náà ṣe pín. Ayánilówó gba ₦720,000, ó ku ₦550,000. Oníṣòwò ń retí ₦520,000, ₦30,000 sì lé. Ẹ fi 1.24 pín ₦30,000 yìí, ₦24,200 yẹn náà ni. Ayánilówó ti gba èlé rẹ̀ kí èrè náà tó yọjú. Bí oníṣòwò bá kọ́kọ́ yọ èlé ₦120,000, tó tún fi 1.24 pín ìyókù, ìwé yóò sọ pé ó máa pàdánù ohun tó lé ní ₦72,000, yóò sì pa òwò tó pé tì.

Inú ìwé èrè ọdọọdún ni àṣìṣe yìí sábà máa ń gbà wọlé, torí wọ́n ti yọ èlé kí wọ́n tó kọ èrè síbẹ̀. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀: ẹ yí iye owó tí a yá padà. Bí owó tí òwò ń mú wọlé bá yí pẹ̀lú rẹ̀, èlé ti wọ ibi tí kò yẹ. Owó orí náà rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí òfin bá gbà kí iléeṣẹ́ yọ èlé kó tó san owó orí ìdá 30, èlé ìdá 20 di 14 nínú òṣùwọ̀n, a ó sì ṣírò owó orí òwò bí ẹni pé kò sí gbèsè.

Ẹni tó bá fẹ́ rí èlé nínú ìṣirò lè yọ gbèsè àti èlé pọ̀, kó sì fi 1.30 pín ₦550,000 tó kù. Ó lé ní ₦423,000 lórí ₦400,000 rẹ̀, òwò náà ṣì pé. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó da ọ̀nà méjèèjì pọ̀.

Ìdá 24 yìí dúró níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá ṣì jẹ́ ìdá 60 nínú iye òwò. Níbi tí gbèsè bá ń dín kù lọ́dọọdún, àbá tí Stewart Myers mú wá ní 1974 ló dára jù: ká kọ́kọ́ díwọ̀n òwò bí ẹni pé a kò yá kọ́bọ̀, ká wá fi àǹfààní gbèsè kún un lọ́tọ̀.