Ẹ̀kọ́ Aásìkí àti Àwọn Alátakò Rẹ̀: Ìtàn Ìlérí Èrè Ọgọ́rọ̀ọ̀rún

Ẹ̀kọ́ aásìkí ni ẹ̀kọ́ tí ó sọ pé ìlera àti ọrọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ onígbàgbọ́, nítorí pé Kristi ti gba méjèèjì fún un lórí àgbélébùú pẹ̀lú ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀nà méjì ni a ní kí onígbàgbọ́ fi gba ẹ̀tọ́ yìí. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ẹnu, pé kí ó máa jẹ́wọ́ ohun tí ó ń fẹ́ bí ẹni pé ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Èkejì ni irúgbìn, èyí tí í ṣe owó ìdámẹ́wàá àti ọrẹ. Orí yìí tẹ̀lé ẹ̀ka kan nínú ẹ̀kọ́ náà, ìyẹn ìlérí pé ohun tí ènìyàn bá fi fún Ọlọ́run yóò padà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti le jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti hàn pé inú ilé Pẹ́ńtíkọ́sì fúnra rẹ̀ ni àwọn alátakò tí ọ̀rọ̀ wọn lágbára jù ti jáde.

E. W. Kenyon, oníwàásù ará Amẹ́ríkà tí ó gbé ayé láti 1867 sí 1948, ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́nà tí ó yéni pé ọ̀rọ̀ ẹnu onígbàgbọ́ ní agbára láti mú ohun tí a kò rí wá sí ojútáyé. Kenneth Hagin (1917–2003) gba ẹ̀kọ́ yìí, ní ibòmíràn pẹ̀lú gbólóhùn Kenyon gan-an, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ Rhema sílẹ̀ ní Oklahoma ní ọdún 1974 láti fi tàn án kálẹ̀. Ní Oklahoma kan náà, Oral Roberts ti ń kọ́ni pé irúgbìn ni ọrẹ. Ìyípadà ńlá ni èyí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí Ọlọ́run ti ṣe lóore ni í mú ọrẹ wá láti dúpẹ́. Nínú ẹ̀kọ́ Roberts, ọrẹ ni ó ṣáájú, oore sì ń bọ̀ lẹ́yìn, olùfúnni sì gbọ́dọ̀ máa retí rẹ̀.

Ní ọdún 1978, Gloria Copeland, ìyàwó oníwàásù Kenneth Copeland, gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ sọ pé aásìkí ni ìfẹ́ Ọlọ́run. Nínú rẹ̀ ó fi ìṣirò ṣe àlàyé Máàkù 10:30: ẹni tí ó bá fi dọ́là 1 sílẹ̀ nítorí ìhìnrere ni ó ni dọ́là 100, ẹni tí ó bá fi 10 sílẹ̀ ni ó ni 1,000, ẹni tí ó bá fi 1,000 sílẹ̀ ni ó ni 100,000. Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò náà dé òpin rẹ̀, ẹni tí ó fi dọ́là 1 fúnrúgbìn, tí ó sì ń dá gbogbo èrè padà sínú ọrẹ, yóò ní bílíọ̀nù dọ́là 10 ní ìgbà karùn-ún. Ìrírí kò fi irú èyí hàn níbìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ti ní ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹni tí èrè rẹ̀ kò dé: ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, tàbí kí ó jẹ́ pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba irúgbìn rẹ̀ jẹ́. Báyìí ni ẹ̀bi fi ń padà sórí olùfúnni, tí ìlérí náà kò sì ní ọ̀nà tí a lè gbà dán an wò. Ní ojú tèmi, èyí ni àbùkù tí ó wúwo jù nínú ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ẹni tí owó rẹ̀ ti lọ ni ó tún ń ru ẹrù ìtìjú.

Gordon Fee wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dáhùn. Ọ̀mọ̀wé nínú Májẹ̀mú Tuntun ni, òjíṣẹ́ ìjọ Assemblies of God sì ni pẹ̀lú. Ó ṣàlàyé pé ìwé Jòhánù Kẹta ẹsẹ 2, tí àwọn oníwàásù aásìkí fi ń ṣe ìpìlẹ̀, jẹ́ irú ìkíni tí àwọn ènìyàn ayé ìgbà náà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Kì í ṣe ìlérí ọrọ̀ fún gbogbo onígbàgbọ́. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ yí ìtumọ̀ Máàkù 10 náà padà. Ọ̀rọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún tẹ̀lé ìtàn ọlọ́rọ̀ kan tí Jésù ní kí ó ta ohun ìní rẹ̀, kí ó sì fi owó rẹ̀ fún àwọn tálákà. Ilé, arákùnrin àti ìyá ni a kà sínú èrè náà, inúnibíni sì wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè ní ọgọ́rùn-ún ìyá, àfi nínú ẹbí tuntun tí í ṣe ìjọ.

Ní ọdún 1988, Daniel McConnell, tí ó kàwé ní ilé-ìwé gíga Oral Roberts, gbé ẹjọ́ mìíràn dìde. Ó ní inú ẹgbẹ́ àwọn tí ó gbà pé èrò ọkàn ni ó ń darí ohun gbogbo ni Kenyon ti mú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé Kenyon súnmọ́ àwọn oníwàásù ìwòsàn ìgbà rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà apá yìí nínú ẹjọ́ McConnell kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó ti Fee.

Ẹ̀kọ́ náà kò dúró sí Amẹ́ríkà. Benson Idahosa ti Ìlú Bìní lọ kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Dallas ní ọdún 1971, nígbà tí ó sì padà, ó di gbajúmọ̀ oníwàásù aásìkí ní Nàìjíríà. David Oyedepo, ọmọ Òmù-Àrán, bẹ̀rẹ̀ ìjọ rẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1983. Idahosa ni ó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1988. Oyedepo fúnra rẹ̀ ka ìwé àwọn Copeland mọ́ ohun tí ó ṣí ojú rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ náà. Àkókò tí ẹ̀kọ́ yìí gbilẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1986 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ìlú mọ̀ sí Sáàpù. Náírà já wálẹ̀, owó oṣù kò tó jẹun mọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìjọ tí ó sọ pé ìṣẹ́ kì í ṣe ìpín onígbàgbọ́ rí etí tí yóò gbọ́.

Ilẹ̀ Yorùbá sì ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àdúrà ní láti kan ayé tí a ń gbé. Ire owó, ire ọmọ àti ire àìkú wà lẹ́nu àwọn baba wa kí ìsìn Kristi tó dé, àwọn Aládùúrà sì gbé irú ìrètí bẹ́ẹ̀ wọ inú ìjọ. Nígbà ìsọjí Josẹfu Babalọla ní Iléṣà ní 1930, ìwòsàn ni àwọn ènìyàn ń wá. Ohun tuntun nínú ẹ̀kọ́ aásìkí kọ́ ni bíbéèrè ire lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tuntun ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n, pé iye tí a fi sílẹ̀ ni yóò sọ iye tí yóò padà. Àwọn tí ó ka ẹ̀kọ́ náà sí kìkì ọjà Amẹ́ríkà kò wo apá yìí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo Pẹ́ńtíkọ́sì ló tẹ̀lé e. W. F. Kumuyi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì pẹ̀lú ènìyàn 15 ní ọdún 1973, gbé ìwà mímọ́ ṣáájú ọrọ̀.

Ẹ̀rí tí ó yani lẹ́nu jù wá ní ọdún 2000. Hagin, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, gbé ìwé kan jáde láti tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ́nà. Kò kọ aásìkí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ pé ọrọ̀ kì í ṣe àmì pé inú Ọlọ́run dùn sí ènìyàn, pé kò yẹ kí a máa fúnni nítorí kí a lè gbà, àti pé lílo èrè ọgọ́rọ̀ọ̀rún fún owó kò tọ̀nà. Ó ṣe ọdún mẹ́ta sí i kí ó tó kú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè é ní baba kò yí ìwàásù wọn padà, nítorí pé lákòókò yìí, ilé ìjọsìn ńlá, tẹlifíṣọ̀n àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ti rọ̀ mọ́ ọrẹ tí ìlérí náà ń mú wá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008 àti oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ọmọ Áfíríkà pàdé ní Akropong, ní Gánà, lábẹ́ ẹgbẹ́ Lausanne. Ìwé tí wọ́n gbé jáde gbà pé Ọlọ́run ń ṣe iṣẹ́ ìyanu, ó sì yin ìtẹnumọ́ lórí iṣẹ́ àṣekára àti lílo ẹ̀bùn ẹni. Ó kọ̀ ọ́ pé a lè fi owó tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu darí Ọlọ́run, ó sì kọ̀ ọ́ pé àìgbàgbọ́ ni ó ń fa òṣì. Ó tún sọ ohun tí Fee àti McConnell kò fi bẹ́ẹ̀ kàn: pé òṣì tí ó gbòde ni ó fún ẹ̀kọ́ náà ní àyè, àti pé àwọn ìjọ tí ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú náà ní ẹjọ́ láti jẹ́ bí wọn kò bá ní ohun tí wọn yóò ṣe fún tálákà tí ó jókòó sáàárín wọn.