Aṣọ Ìbàdàndùn àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Àwòrán

Àwa ọ̀dọ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ Ọjọ́ Ìlú ọdún yìí fún, a sì ti pinnu pé àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló máa jẹ́. Ọ̀kan nínú wa kọ "aṣọ àdìrẹ Yorùbá aláró" sínú ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán. Ohun tó gbé jáde rẹwà gan-an. Ó kù díẹ̀ ká sanwó fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, la bá ní ká kọ́kọ́ fi han ìyá àgbà kan tó ti ń rẹ aṣọ láti kékeré. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lorúkọ aṣọ yìí? Èmi ò mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń lórúkọ. Ẹ wo Ìbàdàndùn, tí àwọn obìnrin Ìbàdàn máa ń fi ọwọ́ kọ. Àpótí àpótí ni wọ́n pín aṣọ náà sí, ọnà inú àpótí kan kì í ṣe ti èkejì. Èyí tá a fi ń dá a mọ̀ ni àpótí tó ní òpó tó tò lọ́ọ̀rọ̀, tí ṣíbí wà láàárín òpó kan sí èkejì. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Mápó, nítorí náà ọnà yẹn ò lè jẹ́ ti ayé àtijọ́ báyẹn, bó ti wù káwọn èèyàn máa pè é ní ti ayébáyé tó. Ohun tó jẹ́ tuntun nílùú nígbà yẹn làwọn ìyá wa gbé sórí aṣọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló fún un lójú tó ní. Aṣọ funfun tó wá láti òkè òkun ni wọ́n ń lò, torí ó dán, ìyẹ́ adìẹ lè rìn lórí ẹ̀. Yáàdì méjì àbọ̀ lọ́nà méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ di ìró kan. Wọ́n á se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù títí á fi ki, wọ́n á sì fi ìyẹ́ adìẹ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ ọ́ sí ojú kan aṣọ. Tó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró. Bí aṣọ bá jáde, ewéko ló jọ. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á jáde, lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí wọ́n tó ha láfún kúrò.

Torí ojú kan ni láfún wà, aró máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ọnà ẹlẹ́kọ fi ń jáde ní aró fẹ́ẹ́rẹ́, kì í funfun bíi bébà. Tiwa yẹn funfun gbòò! Ó tún ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí àwo là, káàkiri aṣọ. Màmá ní àbẹ́là ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí àbẹ́là máa ń sán bí wọ́n bá ká aṣọ lọ́wọ́, aró á wá gba ibẹ̀ wọlé. Kàmpálà nìyẹn. Ẹ̀kẹta, gbogbo àpótí tiwa bára wọn mu kọrọ́kọrọ́. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gé ọnà sára páànù, tí wọ́n á sì gba ara páànù náà fi láfún sórí aṣọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọwọ́ ló kọ ọ́, ṣíbí kan á ga ju èkejì.

A padà lọ tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí a sọ pé: aṣọ méjì tí wọ́n rán pọ̀, ojú rírán hàn láàárín; àpótí tí wọ́n fi ọwọ́ fà, ìlà rẹ̀ ò gún tán; òpó àti ṣíbí nínú àpótí kan; ọnà jẹ́ aró fẹ́ẹ́rẹ́ lórí aró dúdú; kò gbọdọ̀ sí ìlà sísán rárá. Àwọ̀ rẹ̀ dáa, sísán yẹn náà lọ. Òpó Mápó ló bà wá jẹ́. Gbogbo ìgbà tá a dárúkọ Mápó, odindi ilé ni ẹ̀rọ ń yà, tòrùlé tòrùlé, bíi ti káàdì ìkíni. Nígbà tá a yọ orúkọ náà, tá a kàn ní "ọ̀pá gbọọrọ tó tò, ṣíbí wà láàárín," ó sún mọ́ ọn, àmọ́ ṣíbí ń di ewé.

Màmá ló rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní ká mú bébà wá. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ya àpótí mẹ́rin fún wa, a ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àpótí mẹ́rin yẹn la máa tò mọ́ èyí tí ẹ̀rọ yà, Màmá á sì tún wò ó kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa.